Lẹ́tà mi sí Ìyá Ìbejì lórí ẹ́ńjìnnì

Èmi àti Ìyá Ìbejì la jọ ń ṣòwò gàrí, ẹ́ńjìnnì tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló kú. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo kọ èyí àkọ́kọ́ sí i lórí fóònù. Mi ò mí títí mo fi kọ ọ́ tán:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìnáwó tó kọjá, mo gbọ́ pé ó dùn, aṣọ ẹbí yẹn ni kò tètè dé ọ̀dọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ mo ti san owó ẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ gàrí wa ni. Ẹ sọ lọ́jọ́sí pé àwọn oníbàárà ní Mushin ní gàrí wa ò kan mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó dùn mí, torí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin ni mo máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ wà nínú àpò lẹ́yìn tí a bá rin ín tán, bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, ṣùgbọ́n nísinsìnyí tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì la ti ń lọ rin ín, ibẹ̀ ni ọjọ́ ti ń tán, tí mo bá tún ní kó pé ọjọ́ mẹ́rin lápò, kí lẹ máa rí tà lọ́jọ́ ọjà? Ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì wa ti ń wúkọ́ láti ìgbà òjò. Mẹkáníìkì tú u, ó ní písítìnnì ti jẹ, ó gba ₦45,000, ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó tún kú. Mo pè é, kò gbé e. Àbúrò ọkọ mi ní òun mọ ẹlòmíì, ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ kí mọ̀lẹ́bí máa dá sí òwò wa. Ẹ̀gẹ́ tí mo rà lọ́nà Orù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ Ajé la wà á, Ọjọ́bọ̀ ló tó kàn wá níbi ẹ̀rọ, nígbà tí mo fi ọ̀bẹ la ọ̀kan, ìlà dúdú bíi fọ́nrán òwú inú aró ló gba inú ẹ̀ kọjá, ìdajì pikọ́ọ̀pù la dà nù. Àpò méjì sì tún dín nínú ogún tí mo kó ránṣẹ́ sí yín, mi ò sọ pé ẹ̀yin ni o, bóyá dẹ́rẹ́bà ni. Ẹnì kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, bí kò bá ní nira, tí ẹ bá rí i pé ó dáa, ká jọ wò ó bóyá a lè fa díẹ̀ yọ nínú owó tó wà ní báǹkì, tàbí ká yá a lọ́dọ̀ àjọ, tàbí ká tún ti àtijọ́ ṣe, èyí tí ẹ bá sọ náà ni. Jáàkì tí a fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ náà ti ń yọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì.

Ọmọ mi obìnrin kà á tán, ó ní, “Mọ́mì, kí lẹ wá fẹ́ kí wọ́n ṣe?” Mo ní ṣé kò rí i ni. Ó ní kí n fi ìka tọ́ ọ. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Àárín àpò méjì tó dín àti jáàkì tó ń yọ̀ ló wà, mo sì ti fi “tàbí” méjì bò ó mọ́lẹ̀.

Èmi náà mọ̀ pé Ìyá Ìbejì kì í jókòó ka nǹkan. Àárín oníbàárà méjì ló ti ń wo fóònù. Bó bá ti rí aṣọ ẹbí ní ìbẹ̀rẹ̀, orí aṣọ ẹbí ni yóò ti dá mi lóhùn. Ti àpò méjì yẹn ń dùn mí, mi ò ní purọ́, àmọ́ tí n bá kó o pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ owó, yóò dà bí ẹni pé mò ń ká a lọ́wọ́ kò. Mo pa á mọ́ di ọjọ́ tí a bá fojú rinjú. Àtúnṣe ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ńkọ́? Mo ti mọ̀ lọ́kàn ara mi pé mi ò tún náwó lé e lórí mọ́, kí ni mo wá ń bi í sí? Èyí tí mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nìyí:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ọjà.

Mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ìgbowó ₦675,000 láti inú àkáǹtì wa, ká fi ra ẹ́ńjìnnì míì. Mo ti fọwọ́ sí tèmi. Dẹ́rẹ́bà tó ń kó gàrí bọ̀ lọ́jọ́rú ni yóò mú un wá fún yín ní ìsọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un padà kó tó kúrò ní Mushin lọ́jọ́ náà.

Ẹ́ńjìnnì wa ti kú. A tún un ṣe ní ₦45,000, kò lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Tòkunbọ̀ tí mo rí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ₦640,000 ni. Mo dúró tì í, wọ́n tan án, ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko níṣojú mi. ₦35,000 tó kù jẹ́ owó ọkọ̀ àti owó ẹni tí yóò gbé e kalẹ̀. Ẹni tó ń tà á yóò dá a dúró dè wá títí di ọjọ́ Ẹtì.

Nísinsìnyí, ₦63,000 là ń ná lọ́sẹ̀ láti gbé ẹ̀gẹ́ lọ rin lọ́dọ̀ ẹlòmíì: ₦36,000 fún ọkọ̀, ₦27,000 fún ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ tiwa, dísù ₦18,000 ni. ₦45,000 ni yóò máa kù sí wa lọ́wọ́ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni owó ẹ́ńjìnnì yóò fi wọlé padà.

Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wà kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ kẹrin ló kàn wá lórí ìlà, a sì da ìdajì pikọ́ọ̀pù nù. Ìdí tí gàrí wa ò fi kan tó náà nìyẹn: ọjọ́ tó yẹ kó lò nínú àpò, orí ìlà ló ti ń lò ó. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la máa wa oko míì.

₦1,120,000 ló wà nínú àkáǹtì. Lẹ́yìn èyí, ₦445,000 ló máa ṣẹ́ kù, ó sì tó ra ẹ̀gẹ́ oṣù yìí.

Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ pè mí kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n má bàa fi ìwé rán dẹ́rẹ́bà.

Aago méjì ọ̀sán ló dáhùn, fóìsì ni, ariwo ọjà bò ó: “Mo ti gbọ́. Sọ fún dẹ́rẹ́bà kó mú bírò dání.”