Ìkíni Ọjọ́ Ìbí fún Màámi, Lẹ́yìn Tí Ẹ̀gbọ́n Tún Un Kà

Àkànní ọmọ ìyá mi,

Mo ti ka ohun tí o kọ sí Màámi. Mo rẹ́rìn-ín, omi sì tún bọ́ lójú mi níbi tí o ti dárúkọ maṣíìnì. Ọ̀rọ̀ rẹ náà ló wà nísàlẹ̀ yìí, mi ò sọ ọ́ di tèmi. Ibi tó lè dun Màámi, tàbí tó lè sú wọn, nìkan ni mo fọwọ́ kàn.

Ọ̀kan wà tí mi ò lè má sọ. Níbi àdúrà, o kọ "ojú yín ó rí ibi". Ṣé o rí àmì tó wà lórí "o" yẹn? Bó o ṣe fi sókè yẹn, èpè ni! Emi mọ̀ pé àdúrà lo ní lọ́kàn, àmọ́ o mọ̀ pé Màámi máa ń ka lẹ́tà sókè ketekete fún gbogbo ilé. Bí àmì bá ṣòro fún ọ láti tẹ̀ lórí fóònù, "kò ní" ni kí o máa kọ. Kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà.

O fi "ẹ" bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àfi ìgbà tí orí rẹ wú tán tí o bọ́ sórí "o" àti "rẹ" bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti dá gbogbo rẹ̀ padà. "Mo ń pàdánù yín" náà ti kúrò, torí ẹni tó kú là ń pàdánù. Àárò wọn ló ń sọ ọ́. Mo tún yọ wúrà àti dígí kúrò. Gbogbo ọmọ tó ń kí ìyá rẹ̀ ló ń kọ ìyẹn, o sì ní ohun tó dára jù ú lọ láti sọ.

Ẹ̀bẹ̀ tí o bẹ̀ nítorí pé o kò lè wálé fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ìwé náà. Díẹ̀ ni mo dá sí níbẹ̀. Bí Màámi bá ka gbogbo rẹ̀, ṣe ni wọ́n á máa tù ọ́ nínú lọ́jọ́ tó yẹ kí àwa máa bá wọn yọ̀.

Òun nìyí:

*

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ ìbí o. Ẹ kú orí ire. Èmi Àkànní dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti òkè òkun níhìn-ín, mo ní kí ẹ ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé nínú àlàáfíà. Ọdún 70 kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé agbára yín ṣì gbé e débi pé ẹ ṣì ń bá mi jà lórí fóònù tí mo bá ní mi ò tíì jẹun.

Àárò yín ń sọ mí, Màámi. Òru ló máa ń pọ̀ jù, nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn tí mo máa ń bá wọ ìbọ̀sẹ̀, tó máa ń pè mí lọ́mọ rẹ̀. Mo máa ń rọra ṣe é, mo sì máa ń gbàdúrà nínú mi pé kí ọwọ́ ẹni tó bá wà nítòsí yín náà rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò? Gbogbo ilé ló ń pariwo lé mi lórí. Ẹ̀yin ò bá wọn dá sí i. Ìdí maṣíìnì yín lẹ wà, ẹ ju ẹ̀wù oníbàárà kan tí wọ́n rán sódì sí mi, ẹ fún mi ní abẹ́, ẹ ní kí n máa tú u. A jọ tú u títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbà tí a tú u tán lẹ tó la ẹnu: "Ó dáa, aṣọ ọ̀hún ò ya. Lọ sùn, tó bá dọ̀la a ó tún un rán." Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ mi lẹ̀ ń sọ. Ìgbàkígbà tí nǹkan bá lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nílẹ̀ yìí, ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi nìyẹn: aṣọ ò ya.

Ọmọ ọmọ yín ti mọ ohùn yín dáadáa. Tí fóònù bá ti dún, á sáré wá, á máa pe "Màmá! Màmá!", á fi ẹnu ko ojú fóònù títí á fi pa á mọ́ wa lọ́wọ́. Iwájú orí yín nìkan la sì máa ń rí! Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ máa sún fóònù sẹ́yìn díẹ̀, kó lè rí ẹ̀rín yín.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n wà nílé lónìí, èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi ni kò tíì jáde. Bó bá ti jáde, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ pè, kí n tó pe ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ojú yín kò ní rí ibi. Ẹ kò ní sunkún ọmọ. Orúnkún yín á máa gbé yín lọ síbi tó bá wù yín, á sì máa gbé yín bọ̀. Ẹ ó jèrè gbogbo wa. Àmín.

Mo fẹ́ràn yín, Màámi. N kì í lè sọ ọ́ lójúkojú; ẹ jẹ́ kí ìwé bá mi sọ ọ́.

Èmi ni,
Àkànní, àbíkẹ́yìn yín tí ẹ ní ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́.

*

Tí o bá rí ẹni tó bá sọ pé a kì í fi iwájú orí àgbàlagbà ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ìbí, má dá a lóhùn. Mo mọ Màámi, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ kó wà. Ìbọ̀sẹ̀ náà, bó o ṣe kọ ọ́ ló wà, mi ò fi ohunkóhun kún un. Tèmi kan ṣoṣo tó wọlé ni orúnkún. "Ìlera pípé" lo kọ, àmọ́ orúnkún gan-an ló ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ìgbà òjò, wọn ò sì fẹ́ kí o mọ̀. Má bi wọ́n o. Tí wọ́n bá kà á, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún ọ, èmi ni wọ́n á sì bá jà.

Kí o fi ránṣẹ́ ní ìdájí, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó fi ìkíni tiwọn kún fóònù wọn. Kí o sì pè wọ́n lẹ́yìn ìsìn. Àwòrán òdòdó tó ń tan yanranyanran tí o lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ yẹn, mo ti yọ ọ́ kúrò. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lésìí ṣì wà lórí fóònù wọn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.