Ètò Àtúnyẹ̀wò Ìwádìí: Ajá Ilé, Ìdánìkanwà àti Ìlera Ọpọlọ

Ìbéèrè wa: ṣé ajá ló ń dín ìdánìkanwà, ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn kù lára ẹni tó ti pé ọdún 18, àbí ẹni tí ara rẹ̀ dá tẹ́lẹ̀ ló sábà ń ráyè sin ajá? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

A ó wá inú àkójọ ìwádìí PubMed, Scopus àti PsycINFO, láti 2000 sí 2024. Ọ̀rọ̀ tí a ó fi wá inú PubMed nìyí:

```
(dog[tiab] OR dogs[tiab] OR "pet ownership"[tiab])
AND (lonel*[tiab] OR depress*[tiab] OR anxiety[tiab])
```

«anxiety» yóò kó ìwádìí lórí àníyàn ajá fúnra rẹ̀ wá, ìyẹn ajá tí ń gbó nígbà tí olówó rẹ̀ bá jáde. Ẹ má fi NOT gé e; yóò gbé iṣẹ́ tó dára lọ. Àkọlé ni ká fi yọ ọ́.

A ò ní gba iṣẹ́ lórí ajá ìtọ́jú ilé ìwòsàn tàbí ajá afinimọ̀nà. Èyí tó da ajá pọ̀ mọ́ ológbò láìya èsì wọn sọ́tọ̀ yóò wà ní tábìlì tirẹ̀.

Ẹni méjì yóò yẹ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kẹta yóò parí àríyànjiyàn. Àmọ́ àádọ́ta iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ jọ ṣe é.

Ẹ kọ òṣùwọ̀n sílẹ̀: òṣùwọ̀n ìdánìkanwà UCLA oníbéèrè 20 àti oníbéèrè 3 kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ má ro máàkì wọn pọ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ṣírò owó tó ń wọlé, ìgbéyàwó àti dídágbé. Ìwádìí tó wọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè sọ ohun tó ṣáájú. Èyí tó wọn èèyàn kí ajá tó dé ni kó síwájú nínú ìjábọ̀.