Ọ̀rọ̀ gbèsè sìmẹ́ǹtì sí Bàbá Tóbi, mo ti tún un kọ

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ohun tí ẹ kọ lálẹ́ àná ránṣẹ́. Owó yín ni, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, àmọ́ ẹ tún un kà ní ojúmọmọ:

"Bàbá Tóbi, olè ni ẹ́! O gba sìmẹ́ǹtì mi, o wá ń yan kiri Lugbe bí ọmọlúàbí. Tí n kò bá rí owó mi lọ́la, ọlọ́pàá á wá gbé ẹ níwájú ìyàwó ẹ. Fọ́tò ẹ wà lọ́wọ́ mi, màá gbé e sórí gúrúpù ẹgbẹ́ wa kí gbogbo Àbújá mọ̀ ẹ́. Má pè mí o, owó mi ni mo fẹ́!"

Ẹ ò sọ iye, ẹ ò sọ ọjọ́, ẹ tún ní kó má pè yín. Báwo ló ṣe fẹ́ bẹ̀bẹ̀? Ti ọlọ́pàá yẹn, òfin ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Agbaṣẹ́ṣe ni Bàbá Tóbi, wọ́n á ti fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọn títí ó ti sú u. Tí ẹ bá sì pè é ní olè lórí gúrúpù, òun ló máa pẹ̀jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ẹ̀yin lẹ ó máa wá agbẹjọ́rò. (Ti ìyá ìyàwó rẹ̀ tí ẹ tún fi sí ìsàlẹ̀, mo ti pa á rẹ́. Kí ni tìyẹn nínú ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì?)

Inú ìwé yín ni mo ti kó iye owó. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ kí ó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ sì so fọ́tò ìwé ẹrù mọ́ ọn:

Bàbá Tóbi, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́. Ìyá Rúkà onísìmẹ́ǹtì ní Dei-Dei ni.

Ọ̀rọ̀ owó tó kù láàárín wa ni mo bá wá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì, ẹ gba àpò sìmẹ́ǹtì 80 fún ilé tí ẹ ń kọ́ ní Lugbe, ₦9,500 ni àpò kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦760,000. Ọmọ iṣẹ́ yín tó gba ẹrù ló fọwọ́ sí ìwé, fọ́tò rẹ̀ nìyí. Ẹ san ₦300,000 ní ọjọ́ 28 oṣù kejì, ẹ tún san ₦60,000 ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó ku ₦400,000. Ìparí oṣù kẹta la jọ fi àdéhùn sí, òní sì ti di ọjọ́ 14 oṣù kẹrin.

Mo gbọ́ pé onílé ò tíì san tiyín tán. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo tà á fún, kì í ṣe onílé, ẹni tí mo ti gba ọjà náà sì ń béèrè owó tirẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Tí ẹ bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó wọlé kí ọjọ́ 30 oṣù yìí tó kọjá. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ san ₦150,000 ní ọjọ́ 30 oṣù yìí, ₦150,000 ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, kí ẹ fi ₦100,000 parí rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún. N kò ní fi kọ́bọ̀ kan lé e. Àkáùntì ṣọ́ọ̀bù tí ẹ san owó sí tẹ́lẹ̀ náà ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní òmíràn, ẹ pè mí kí ẹ tó san.

Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ sọ èyí tí ẹ mú fún mi kí ó tó di ọjọ́ 18. Ẹ lè kọ ọ́ síbí, ẹ lè pè mí, ẹ sì lè yà ní ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá ní ètò míràn tó ní iye àti ọjọ́ nínú, màá gbọ́ ọ.

Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan títí ọjọ́ 18, agbẹjọ́rò mi ló máa kọ̀wé sí yín, ibẹ̀ la ó sì ti gbà dé ilé ẹjọ́. N kò ní gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, n kò sì ní sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Títí owó yìí á fi parí, owó lọ́wọ́ ni n óò máa ta ọjà fún yín.

Ẹ bá mi kí Ìyá Tóbi.

Ìyá Rúkà