Lẹ́tà sí olùkọ́ mi lórí máàkì tí mo pàdánù nínú ìbéèrè kẹta

Olùkọ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ sì kú làálàá gbogbo ìwé tí ẹ kà.

Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ni ìwé ìdáhùn nọ́ńbà 047. Ìbéèrè kẹta ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé sí yín, èyí tó dá lórí kíkó ẹrù láti ilé ìkẹ́rùsí mẹ́ta lọ sí ọjà mẹ́ta. Máàkì 6 ni mo gbà nínú 20. Láti Ọjọ́bọ̀ tí a ti gba ìwé wa padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún ìṣirò náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, torí mi ò fẹ́ wá gba àkókò yín lórí ohun tó jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í ṣe. Ní abala (d), èmi ni mo ṣì í ṣe lóòótọ́, mo sì máa sọ ọ́ nísàlẹ̀. Abala (a) àti (b) ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi tún wò.

Kí ẹ má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìwé ìbéèrè, bí wọ́n ṣe fún wa nìyí. Owó tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan ni owó kíkó ẹrù ẹyọ kan:

| | Ọjà 1 | Ọjà 2 | Ọjà 3 | Ẹrù tó wà nílẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Ilé A | 4 | 6 | 9 | 70 |
| Ilé B | 5 | 7 | 5 | 50 |
| Ilé D | 8 | 6 | 3 | 40 |
| Ẹrù tí wọ́n fẹ́ | 60 | 50 | 50 | 160 |

Ohun tó wà nílẹ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ dọ́gba, nítorí náà kò sí ìdí láti fi ọjà àfikún kún un. Abala (a) ní kí a fi ọ̀nà Vogel pín ẹrù náà, ó sì ní máàkì 8. Abala (b) ní kí a fi ọ̀nà u àti v yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà ṣì lè dín sí i, kí a sì kọ àpapọ̀ owó. Máàkì 6 ni tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú ìdáhùn mi kò ní wàhálà, bírò pupa fi àmì tó dára sí i. Ìyàtọ̀ tó ga jù lákọ̀ọ́kọ́ ni 3, ní ìlà D, mo sì kó 40 sí D3. Lẹ́yìn tí ìlà D ti kúrò, ìyàtọ̀ òpó ọjà 3 di 4, òun ló ga jù, mo sì kó 10 tó ṣẹ́ kù fún ọjà náà láti B. Bákan náà ni ìwé ìtọ́nisọ́nà máàkì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara pátákó ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ọ̀nà wa ti yà. Nígbà yẹn, ọjà 1 àti ọjà 2 nìkan ló kù, ilé A ní 70, ilé B sì ku 40. Ìyàtọ̀ ìlà A ni 6 − 4, ìyẹn 2. Ìyàtọ̀ ìlà B ni 7 − 5, ìyẹn 2 pẹ̀lú. Òpó méjèèjì ní 1, 1. Ìlà méjì ló wá dọ́gba lókè. Ìwé ìtọ́nisọ́nà mú ìlà A, ó kó 60 sí A1, ó wá parí sí A2 = 10 àti B2 = 40. Èmi mú ìlà B, mo kó 40 sí B1, mo sì parí sí A1 = 20 àti A2 = 50.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fa ìlà pupa gba orí tábìlì mi kọjá dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Wọ́n fún mi ní 3 nínú 8. Ní abala (b), wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “tábìlì kò bá a mu.”

Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wo owó méjèèjì:

```
Iwe itonisona: 60×4 + 10×6 + 40×7 + 10×5 + 40×3 = 750
Idahun mi:     20×4 + 50×6 + 40×5 + 10×5 + 40×3 = 750
```

Owó kan náà ni. Mi ò sì fẹ́ kí ó dà bíi pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ wo abala (b) tí mo ṣe. Mo fi u ilé A sí 0. A1 fún mi ní v1 = 4, A2 fún mi ní v2 = 6. B1 sọ pé u ilé B jẹ́ 1, B3 sọ pé v3 jẹ́ 4, D3 sì sọ pé u ilé D jẹ́ −1. Àpótí mẹ́rin ló ṣófo. Tí a bá yọ àpapọ̀ u àti v kúrò nínú owó tó wà níbẹ̀, A3 ku 5, D1 ku 5, D2 ku 1, B2 sì ku 0. Kò sí èyí tó lọ sábẹ́ òdo nínú wọn. Ohun tí ẹ kọ́ wa ni pé ibẹ̀ ni a ti ń dúró, torí pé kò sí ibòmíràn tí ẹrù lè gbà tí owó máa fi dín ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òdo tó wà ní B2 yẹn gan-an ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo yí i po nínú ìwé ìdáhùn mi, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé “ọ̀nà mìíràn wà tí owó rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí.” Ọ̀nà mìíràn tí mò ń wí náà ni tábìlì ìwé ìtọ́nisọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì rí i nígbà yẹn. Ká ní a mú ẹrù ẹyọ kan kúrò ní B1 lọ sí B2, 2 ni owó máa fi lé. Ṣùgbọ́n ọjà 1 ti dín ẹyọ kan, ọjà 2 sì ti lé ẹyọ kan, ilé A ló máa tún un ṣe: ẹyọ kan kúrò ní A2, ó bọ́ sí A1, owó sì fi 2 dín. Ohun tó lé níbí ló dín lọ́hùn-ún. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 40, B1 á ṣófo, tábìlì mi á sì di tábìlì yín láìku ẹyọ kan. Kódà tí a bá dúró sí àárín, tí a kó 20 péré, owó náà ṣì jẹ́ 750.

Mo mọ ohun kan tí ẹ lè fi dá mi lóhùn, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ kí ó má dà bíi pé mò ń fi pamọ́. Àwọn ìwé kan ní òfin fún ìgbà tí ìyàtọ̀ bá dọ́gba: wọ́n ní kí a mú ìlà tí àpótí olówó kékeré jù wà nínú rẹ̀, tàbí èyí tó máa gba ẹrù púpọ̀ jù. A1 ni òfin méjèèjì máa mú níbí, torí owó rẹ̀ jẹ́ 4, ó sì gba 60. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wa kò dárúkọ òfin kankan. Nínú kíláàsì, nígbà tí ẹnì kan bi yín léèrè ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ẹ ní kí a mú èyíkéyìí tó bá wù wá, kí a ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dọ́gba. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Ó wà ní etí ojú ewé kẹrin, lápá ọ̀tún: “A àti B dọ́gba ní 2, mo mú B.” Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń máàkì má rí i, torí pé ìwé náà kún, ìkọ̀wé mi níbẹ̀ sì kéré. Tí ẹ bá ṣì rò pé ó yẹ kí n ti mú A, ẹ yọ máàkì kan tàbí méjì, mi ò ní janpata. Ohun tó ń dùn mí ni pé máàkì 11 ló bá yíyàn kan ṣoṣo lọ, títí kan gbogbo abala (b) tí wọ́n béèrè fún ní tirẹ̀. Ẹni tí tábìlì (a) rẹ̀ tilẹ̀ ní àṣìṣe ṣì lè mọ bí wọ́n ṣe ń wá u àti v.

Abala (d) ńkọ́? Wọ́n ní ká sọ ilé A di 60, ká sọ ilé B náà di 60, ká wá tún un ṣe. Mo mú ìlà A níbẹ̀ (èyí náà dọ́gba, ó sì bá ìwé ìtọ́nisọ́nà mu), ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó 60 sí A1, ilé A àti ọjà 1 parí lẹ́ẹ̀kan náà. Àpótí mẹ́rin péré ló ní ẹrù, A1, B2, B3 àti D3, nígbà tó yẹ kó jẹ́ márùn-ún. Mo rántí pé a gbọ́dọ̀ fi òdo sí àpótí kan, mo wá fi sí D2 láìronú. D2, B2, B3 àti D3 yí po mọ́ra wọn, A1 sì dá wà, kò bá wọn so pọ̀. Nítorí náà mi ò rí ọ̀nà wá àwọn u àti v yòókù láti ara u ilé A, mo kàn fojú bù wọ́n. A2 tàbí B1 ló yẹ kí òdo náà wà. Mo gbà 3 nínú 6 níbẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi kún un.

Nítorí náà, sà, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ tún abala (a) máàkì láti ìgbésẹ̀ kẹta, kí ẹ sì ka abala (b) gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, 17 ló yẹ kó wà níbi tí 6 wà. Mi ò lè purọ́ fún yín pé máàkì náà kò ṣe pàtàkì sí mi: pẹ̀lú 6 yìí, mo máa tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú 17, mo ti yege. Ẹ bá mi wo ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pẹ̀lú, torí ẹnikẹ́ni tó bá mú ìlà B ní ìgbésẹ̀ yẹn, tábìlì tèmi ló máa ní.

Ìwé ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ mi, mi ò kọ nǹkan kan kún un láti ìgbà tí mo ti gbà á. Mo lè mú un wá sí ọ́fíìsì yín nígbàkúùgbà tí ẹ bá ní kí n wá. Tí ẹ bá rí ibi tí èmi fúnra mi ti ṣì í nínú ohun tí mo kọ sókè yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí.

Mò ń retí èsì yín, sà.

Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ yín,
Ìwé ìdáhùn nọ́ńbà 047