Ọ̀rọ̀ olórí abúlé fún ará ilé lórí káàtì ààlà tó wà lára ògiri ilé ìwé

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ibòji ìrókò ṣì gbà yín, ẹ sún mọ́ra. Bàbá Lèmọ́mù, ẹ kú ìnáwó àná. Pásítọ̀, ẹ káàbọ̀.

Ìwé ńlá tí àwọn ọmọdé ti ń fi ìka tọ́ láti àárọ̀ ló kó wa jọ. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ lábúlé ti dé etí mi. Àwọn kan ní ìjọba ti pín ilẹ̀ wa. Àwọn kan ní èmi ni mo tà á. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ nídìí ẹmu pé ibi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé ni òyìnbó fẹ́ gbà. Ibi aláwọ̀ ewé yẹn, igbó orò wa ni. Bí òyìnbó kan bá fẹ́ wọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó wá, a ó jọ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọn ilẹ̀ tí ẹ rí nígbà ọyẹ́, tí wọ́n ń gbé ọ̀pá kiri, ni wọ́n kó iṣẹ́ wọn jọ báyìí. Oko kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà. Gbogbo oko abúlé yìí tó wà lórí káàtì jẹ́ 214. Ìwé gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó ni nọ́mbà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń dáko níbẹ̀, àti àwọn tó bá a pààlà. Wọ́n kọ ọ́ sókè ní Faransé pé iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ẹ di gbólóhùn yẹn mú. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún wa láti wò ó ká sì sọ̀rọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti Ajé tó kọjá. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá ta kò ni wọn yóò gbé lọ sí Kétu, ibẹ̀ ni ìwé ilẹ̀ yóò sì ti jáde.

Ó yé mi pé ara ń fu wá sí ìlà tí ìjọba bá fà. Ẹ wo Mẹ́kọ, ẹ wo Ìlárá. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí Páríìsì, wọ́n fa ìlà, Mẹ́kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ìyàwó ń bẹ níhìn-ín, àna ń bẹ lọ́hùn-ún, ṣọ́jà wà láàárín. Ta ni ìbá ta ko ìlà yẹn? Ahoro ni Kétu nígbà náà. Ogun Dàhọ̀mì ti fọ́ ọ ní 1886, wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lọ sí Àgbómẹ̀, ó di bí ọdún méje kí àwọn tó ṣẹ́ kù tó padà wálé. Wọ́n fa ìlà náà nígbà tí onílé kò sí nílé. Èyí tó wà lára ògiri yìí, onílé wà nílé. Àwa rèé.

Òfin tó wà nídìí rẹ̀ ni òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017. Kì í ṣe òfin tó ní kí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹnikẹ́ni. Ó gbà pé ẹni tó jogún ilẹ̀ lọ́nà ìṣẹ̀dálẹ̀ lè gba ìwé lé e lórí, bí àwọn tó bá a pààlà bá ti jẹ́rìí. Àjọ tí wọ́n ń pè ní ANDF ló ń bójú tó o fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní Kétu, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ wà ní ilé mẹ́rì. Níbí, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé ni, àwọn tí ẹ fi ọwọ́ ara yín yàn lábẹ́ igi yìí. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ ṣé.

Ó kù bí a ṣe ń ka káàtì náà. Púpọ̀ nínú yín ti lọ wò ó, ẹ sì padà wá pẹ̀lú ìbínú, nítorí pé bó ṣe rọ̀ sára ògiri, òkè rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà odò, ẹ wá rò pé wọ́n ti gbé oko yín sọdá. Òkè ìwé náà, àríwá ni. Akọ̀wé yóò tú u sílẹ̀ lọ́la, a ó tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ ilé ìwé, a ó yí i títí ìlà tó dúró fún títì Ìdíìgné yóò fi bá títì fúnra rẹ̀ mu. Nígbà náà ẹ dúró síbi tí ilé yín wà, kí ẹ nawọ́ sí ọ̀nà oko yín. Ẹ ó rí i.

Ìlà dúdú tó nípọn ni ààlà abúlé wa pẹ̀lú àwọn tó yí wa ká. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ààlà oko sí oko. Ìlà tó já, tó já, ibẹ̀ ni àwọn tó wọn ilẹ̀ ti gbọ́ ariyanjiyan, wọn kò sì dá sí i. Ibi márùn-ún ni ìlà jíjá yẹn wà. Àmì róbótó kékeré ni bọ́ọ̀nù, òkúta sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

Sẹ̀ńtímítà kan lórí ìwé jẹ́ ogún mítà lórí ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá mú bíkì rẹ̀ wá, tó ní ìlà ti wọ inú oko òun ní ìwọ̀n orí bíkì, kó rántí pé ìlà bíkì náà fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan tàbí méjì lórí ilẹ̀. A kì í fi ojú jà lórí ìwé. Ẹ lọ sí oko, ẹ wá bọ́ọ̀nù, ẹ wo ibi tó dúró sí sí pèrègún tí àwọn bàbá yín gbìn. Bí bọ́ọ̀nù àti pèrègún bá wà pọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ẹ wá bá wa.

Mo ti rí àṣìṣe ńlá kan fúnra mi. Lápá ìwọ̀ oòrùn, odò ni ààlà wa pẹ̀lú abúlé kejì, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ ni wọ́n wá, odò ti gbẹ, wọ́n sì tẹ̀ lé ipa odò àtijọ́, èyí tó yà sápá ọ̀dọ̀ wa kí àgbàrá tó gbé odò gba ibòmíràn. Oko mẹ́sàn-án ló bọ́ sí òdìkejì. Mo ti bá baálẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, òun náà mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀. Ní Ọjọ́rú, àgbà mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ wa, mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ wọn, a ó jọ rin etí odò náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má mú àdá lọ síbẹ̀ ṣáájú wa.

Àṣìṣe kejì, ilé tèmi ni. Nọ́mbà 87, oko bàbá mi lẹ́bàá ọ̀nà Kétu. Ìwé fi bí ogójì mítà kún un látinú oko ilé alágbẹ̀dẹ. Ọmọ mi ní kí n dákẹ́, pé wọn kò tíì rí i. Mo ti kọ ọ́ sínú káyè tí akọ̀wé ń kọ ẹjọ́ sí. Òun ni ẹjọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, ẹ lè lọ wò ó.

Bí ẹ ó ṣe ṣe tiyín nìyí. Ẹ lọ bá akọ̀wé ìgbìmọ̀, tó wà ní ilé ìwé ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo àfi ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ sọ nọ́mbà oko, ẹ sọ apá tó kù díẹ̀ káàtó, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó jẹ́. “Wọ́n ti gba oko mi” kò tó. “Nọ́mbà 133, apá ìlà oòrùn, ààlà mi dé ìdí igi ẹ̀mì, ìwé dúró sí ọ̀nà”, ìyẹn ni ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ, akọ̀wé yóò kọ ọ́, yóò kà á sí i létí níwájú ẹnì kejì, kó tó tẹ ìka. Ẹ gba ìwé kékeré tí ó ní déètì dání kí ẹ tó kúrò. Kò sí owó kankan tí ẹ ó san, kì í ṣe ti bíkì, kì í ṣe ti epo zẹ̀mí. Ẹni tó bá béèrè igba sẹ́fà pàápàá, ẹ wá pè mí.

Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ yóò bá ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ jọ pààlà lọ sí oko, pẹ̀lú àwọn tí oko wọn wà yíká. Bí ẹ bá gbà fún ara yín, ẹ ó tẹ ìka, wọn yóò sì tún ìlà fà. Bí ẹ kò bá gbà, kì í ṣe ogun. Ìlà yóò di èyí tó já, tó já, kò sí ẹni tí yóò gba ìwé lórí apá yẹn, ọ̀rọ̀ yóò sì lọ sí ìgbìmọ̀ ilé mẹ́rì ní Kétu. Bí ìyẹn náà kò bá parí rẹ̀, ilé ẹjọ́ wà ní Pobẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé tó bá fi hàn pé ẹ ti gbìyànjú àtiparí rẹ̀ nílé, nítorí adájọ́ yóò béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n Pobẹ̀ jìnnà, owó ọ̀nà àti ọjọ́ oko tí ẹ ó pàdánù lè ju owó ẹ̀gẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ náà lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bọ́ọ̀nù. Kódà bó bá wà láàárín yàrá yín. Ẹni tó bá hú u lóru, àárọ̀ ni ẹjọ́ rẹ̀ bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló jàre.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín rèé. Òfin Bẹ̀nẹ̀ kò fi ọmọbìnrin sẹ́yìn nínú ogún. Mo wo ìwé orúkọ, obìnrin méjìlá péré ni mo rí, bẹ́ẹ̀ mo mọ iye ẹ̀yin tí ẹ ń dáko. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti gbogbo ọmọ bàbá, tí wọ́n wá kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo sí i, àṣìṣe ni, ẹ lè wá sọ ọ́. Kí ẹ̀gbọ́n náà má bínú sí mi.

Ẹ̀yin àlejò tí a fún nílẹ̀ láti dáko, orúkọ yín wà lábẹ́ àwọn tó ń lo ilẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Ó dáàbò bo irúgbìn yín, kò sọ yín di onílẹ̀. Ẹni tó fi ilẹ̀ dógò náà, kí ó sọ fún akọ̀wé pé ògò ni, ká má baà kọ ọ́ bí ẹni tó tà á.

Ìyá wa tó ń nawọ́ lẹ́yìn, mo ti rí yín. Ẹ ní oko àgbàdo ọkọ yín tó ti ṣaláìsí kò sí lórí ìwé rárá? Ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ mọ́ ti àbúrò rẹ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ síbi ògiri báyìí, kí akọ̀wé mú káyè dání.