Iná Tó Ń Ṣẹ́jú

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tí wọ́n pè mí sí ẹ̀ka báǹkì kan ní Òmù-Àrán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ̀rọ ìpọwó á dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ á káwọ́ gbera, èrò á tò dé ẹnu géètì. Mo ti pààrọ̀ ráútà. Ẹlẹgbẹ́ mi ti gun òpó lọ tún ojú réédíò tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé ṣe. Kò gbọ́.

Ọ̀sán ni mo ti kúrò ní Ìlọrin, mo gba Àjàṣẹ́-Ìpo, torí n kì í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá mi lọ́nà. Mo ti pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní pààrọ̀ nǹkan kan títí màá fi rí i bó ṣe ń lọ gan-an.

Bàbá ọdẹ ṣílẹ̀kùn fún mi.

"Ẹ kú àìsùn o, Bàbá."

"Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ṣé ìyọnu yìí náà ni?"

Mo wọ yàrá ẹ̀rọ, mo so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ráútà, mo sì yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò. Ìlà kan ló kún ibẹ̀:

```
%LINEPROTO-5-UPDOWN: Line protocol on Interface GigabitEthernet0/1, changed state to down
```

Ó ń sọ pé ojú ihò GigabitEthernet0/1 lára ráútà ti já. Ibẹ̀ ni wáyà tó lọ sí súwíìṣì wà, ìyẹn àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Èyí tó lọ sí réédíò kò já rárá, ráútà fúnra rẹ̀ kò sì kú láti ọjọ́ tí mo ti gbé e síbẹ̀. Gbogbo bí a ṣe ń gun òpó yẹn, inú ilé ni àrùn wà.

Mo wo àwọn àkókò tó kọ sílẹ̀. Lálaalẹ́ ló ń já ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá. Ti ọ̀sán kò ní àkókò kan pàtó. Mo jáde lọ bá Bàbá.

"Bàbá, kí ni ẹ máa ń ṣe tó bá di agogo mẹ́wàá?"

"Mo máa ń pa jẹnẹrétọ̀ ni, kí ínfátà lè gbà á. Tí mo bá ti pa á báyìí, ojú ẹ̀rọ ìpọwó á ṣókùnkùn. Mo rò pé ẹ mọ̀."

A kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í rí.

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, mo dúró síwájú súwíìṣì. Bàbá pa jẹnẹrétọ̀. Iná ráútà kò mira. Ṣùgbọ́n gbogbo iná wẹ́wẹ́ ara súwíìṣì kú pa pọ̀, wọ́n tàn, wọ́n tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó dúró.

Mo tọ wáyà rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Adápútà rẹ̀ ti há sí àárín òkìtì wáyà, níbi tí ooru ínfátà ti ń fẹ́ sí i lára láti ọjọ́ pípẹ́. Mo dì í mú, mo yára jù ú sílẹ̀: ó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, ó sì ń rùn bí ike tó fẹ́ jóná. 12V, 1A ni wọ́n kọ sí i lára. Mítà mi ka 12.2. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, mi ò bá ní ó dáa. Mo fi gílóòbù iná mọ́tò kékeré kan tó wà nínú àpò mi sí i lẹ́nu, kí ó rí ẹrù gbé. Gílóòbù náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń gbọ̀n, mítà já wá sí 8.6.

Mo tú u. Orí kapasítọ̀ kan ti wú, omi rẹ̀ ti ṣàn gbẹ sí ìdí rẹ̀. Bí àmù ni kapasítọ̀ yẹn rí: tí iná bá ṣẹ́jú nígbà tí wọ́n ń yí i, òun ló yẹ kó bu ìwọ̀nba tó ní pamọ́ fún súwíìṣì. Ti ráútà ṣì kún. Tiwa yìí ti gbẹ.

Mo ní adápútà 12V, 2A lọ́wọ́. Mo wò ó dáadáa pé ẹnu rẹ̀ bára mu, pé àárín ni pọ́sítíìfù wà, mo sì so ó mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Mo ní kí Bàbá tan jẹnẹrétọ̀, kí ó tún pa á. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ṣe é, kò sì kùn sí mi. Kò já.

Síbẹ̀, n kò lọ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Màmá kan láti Arán-Ọ̀rin ló kọ́kọ́ dé, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti wá gba owó oògùn ọkọ òun, tí òun padà lọ́wọ́ òfo. Ó ki káàdì bọ̀ ọ́, ó tẹ nọ́ńbà. Nẹ́pà mú iná wá lójijì, Bàbá sì pa jẹnẹrétọ̀. Àyà mi já. Màmá dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ tí ẹ̀rọ náà ń ka owó.