Téńdà IR/07/2025: Ìpèsè Dẹ́sìkì Alájòókòó-Méjì 640 àti Tábìlì Olùkọ́ 32

Sí: Akọ̀wé, Ìgbìmọ̀ Ìrajà
Láti: Ilé-iṣẹ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà, Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó
Ọjọ́: Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025
Ìwé tó bá a rìn: fáìlì mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tí a bọ̀wọ̀ fún,

A kí yín o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ìwé téńdà wa fún ìpèsè dẹ́sìkì alájòókòó-méjì 640, pẹ̀lú tábìlì àti àga olùkọ́ 32, fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ tí ẹ ń bójú tó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Òru, Àwà, Ìlápòrú àti Àgọ́-Ìwòyè. Gbogbo ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ìfilọ̀ yín ni a tẹ̀ lé. Ibì kan ṣoṣo tí a ti yàn ju ohun tí ẹ béèrè lọ ni irú igi tí a óò lò, a sì ti ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí pé òun ló mú kí owó wa rí bó ṣe rí.

Iye tí a dá lé dẹ́sìkì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦62,000, èyí tí ó mú kí 640 jẹ́ ₦39,680,000. Tábìlì olùkọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àga rẹ̀ jẹ́ ₦95,000, nítorí náà 32 jẹ́ ₦3,040,000. Àròpọ̀ méjèèjì jẹ́ ₦42,720,000. Nígbà tí a bá fi owó-orí ọjà VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó jẹ́ ₦3,204,000 kún un, gbogbo rẹ̀ di ₦45,924,000. Owó ọkọ̀, owó àwọn tí yóò já ẹrù, àti owó títò wọn sínú kíláàsì wà nínú iye yìí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kankan kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu géètì. Iye náà kò ní yí padà títí di ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, tí í ṣe àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ẹ ní kí téńdà fi fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ óò ṣí i.

Ní ti igi, ìfilọ̀ yín sọ pé kí a lo afàrà tàbí igi mìíràn tí kò kéré sí i. Òpèpè ni a fi ṣírò. A mọ̀ pé ẹni tí ó bá fi afàrà ṣírò lè mú owó tó kéré sí tiwa wá, nítorí pé àwa náà ì bá ti dín ₦7,000 kúrò lórí dẹ́sìkì kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,480,000 kí a tó ka VAT, bí a bá lo afàrà. Ṣùgbọ́n igi tó fúyẹ́ ni afàrà, kòkòrò sì tètè ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbá kíláàsì tí wọ́n tò dẹ́sìkì afàrà sí rí yóò mọ ìyẹ̀fun funfun tí í máa ń dà sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán. Òpèpè le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ikán kì í sì í ráyè rẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé afàrà gan-an ni ìgbìmọ̀ fẹ́, iye rẹ̀ wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn nínú fáìlì owó, a óò sì ṣe é bí ẹ bá ṣe wí. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ má ṣe mú un fún yàrá àwọn ọmọ kékeré tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ní sìmẹ́ńtì.

Ilé-iṣẹ́ wa ní òṣìṣẹ́ 19, méjìlá nínú wọn sì jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ogún dẹ́sìkì ni a lè parí lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ 60 kVA tiwa ni ẹ̀rọ ìlagi àti ẹ̀rọ ìfági ń lò, nítorí náà a kò ka iná ìjọba mọ́ inú ètò iṣẹ́ wa rárá. Pákó òpèpè tí yóò tó dẹ́sìkì 480 ti wà lórí àtẹ nínú ọgbà wa báyìí, a tò ó ní ìtò tí atẹ́gùn fi ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ wọn omi inú rẹ̀, kò ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Pákó tó kù ti là, ó sì ń gbẹ lábẹ́ òrùlé. Òjò oṣù yìí ni kò jẹ́ kí a ṣèlérí pé a óò kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí a bá fi igi tútù kan dẹ́sìkì, ojú tábìlì yóò là nígbà ọyẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ìfilọ̀ yín gbà wá láyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni a óò lò láti ọjọ́ tí a bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: dẹ́sìkì 240 ní ọ̀sẹ̀ kẹta, 240 mìíràn ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, 160 tó kù pẹ̀lú gbogbo ohun èlò àwọn olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ọkọ̀ wa méjèèjì ni yóò kó wọn, ogójì dẹ́sìkì lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ìjókòó, a kò ní lo ìṣó nìkan. A óò gbẹ́ ihò sí ẹsẹ̀, a óò ki orí igi ìdábùú bọ̀ ọ́ pẹ̀lú gúlù, kí a tó fi ìṣó onídè dè é. Dẹ́sìkì àpẹẹrẹ kan ti wà lọ́dọ̀ akọ̀wé yín. Ẹ lè yí i dà kí ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá já tàbí tí ó bá là láàárín oṣù méjìlá, àwa ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Fáìlì `01_Owo.pdf` ni ìṣírò owó wà, `02_Ise.pdf` sì ní àwòrán dẹ́sìkì, orúkọ ẹ̀rọ àti ètò ìkó-ẹrù. Àwọn ìwé-ẹ̀rí tí òfin béèrè wà nínú `03_Iwe_Eri.pdf`, bí ẹ ṣe tò wọ́n nínú ìfilọ̀ gan-an: ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC, ìwé ẹ̀rí owó-orí fún ọdún 2022, 2023 àti 2024, ìwé ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ PenCom, ti ITF, ti NSITF, ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí ayẹ̀wé-owó-wò fọwọ́ sí, àti ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ pé kò sí olùdarí wa tí ó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ yín tàbí ẹbí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ti PenCom àti ti ITF yóò parí ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún yìí. Bí iṣẹ́ bá wọ ọdún tuntun, a óò fi tuntun ránṣẹ́ kí a tó béèrè owó kankan. A fi rìsíìtì owó igi tí a san fún ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kún un, bí ẹ kò tilẹ̀ béèrè, kí ẹ lè mọ̀ pé igi wa kì í ṣe èyí tí wọ́n gé ní bòókẹ́lẹ́.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a ń béèrè kò ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦6,888,600, tí ìfilọ̀ yín fọwọ́ sí, ìwé onígbọ̀wọ́ láti báńkì wa yóò sì ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀dà tí a tẹ̀ sórí ìwé, nínú àpòòwé tí a fi èdìdì dì, yóò wọ àpótí yín lọ́la, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣáájú aago méjìlá ọ̀sán. Ọgbà wa ṣí sílẹ̀ fún àyẹ̀wò láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ kò sì nílò láti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó wá.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Kẹ́hìndé Adébánjọ
Olùdarí Iṣẹ́